Ìbéèrè Kí Kókó Tó Hó

Ọkọ mi kò lè ka ìwé kí ó má sùn. Bí o bá gbé ìwé lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kí o tó palẹ̀ abọ́ mọ́, ó ti ń hanrun. Mo máa ń sọ fún un pé bí ìwé bá jẹ́ obìnrin, n kò ní jowú rẹ̀ láéláé, nítorí ọkọ mi kò ní dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tán. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ìdí nìyẹn tí òun fi fẹ́ olùkọ́, kí olùkọ́ lè máa bá òun kà á.

Àwàdà ni à ń ṣe nígbà náà. A kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwàdà náà yóò di iṣẹ́.

Ìgbà ìjọba Rẹfolúsíọ̀n ni, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní kámáráàdì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́, láìwo àgbà tàbí ipò. Ọkọ mi ń tajà ní ilé ìtajà ìjọba ní ìlú Ìdáàṣà, ilé gígùn kan tí wọ́n fi páànù bò nítòsí ọjà, níbi tí wọ́n ti ń ta ọṣẹ, ṣúgà, ìṣáná, aṣọ àti àgolo tòmátì. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé ẹ̀kọ́ kan lápá Kèrè. A kò tíì pé ọdún kan tí a ṣègbéyàwó, oyún àkọ́kọ́ sì wà nínú mi. Ìdí òkè là ń gbé, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ kí ó tó kú. Bí òjò bá rọ̀, omi á máa sàn lórí àpáta wá sí ẹ̀yìnkùlé wa, ìyá ọkọ mi á sì gbé gbogbo ìkòkò rẹ̀ jáde láti fi gba omi náà. Àwa mẹ́ta la wà nínú ilé náà, ọkàn mi sì balẹ̀ níbẹ̀ ju bí ó ṣe balẹ̀ rí níbikíbi.

Àfi bí ìròyìn ṣe dé láti Kútọnu. Wọ́n ní gbogbo àwọn tó ń tajà ní ilé ìtajà ìjọba yóò kọ́ ẹ̀kọ́ ọgbọ́n ọjà títà kan tí wọ́n ń pè ní mákẹ́tìnì, wọn yóò sì ṣe ìdánwò rẹ̀ ní Àgbómẹ̀, ìdánwò ẹnu níwájú àwọn júrì, ìyẹn àwọn tó ń béèrè tí wọ́n sì ń fún ni ní máàkì. Ọ̀gá àgbà tó wà ní ilé ìtajà Ìdáàṣà fẹ́ fẹ̀yìn tì. Bí ọkọ mi bá yege, òun ni yóò gba ipò rẹ̀. Bí kò bá yege, wọn yóò gbé ẹlòmíràn wá, wọn yóò sì gbé òun lọ máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní òkè àríwá pátápátá, lẹ́bàá odò ńlá tó pààlà ilẹ̀ wa.

Èmi kò lè bá a lọ. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yí olùkọ́ padà láti ìlú kan sí èkejì láyé ìgbà náà mọ̀ pé ọmọ tí mo fẹ́ bí ì bá ti máa sáré kiri kí ìwé ìyípadà mi tó jáde. Ìyá rẹ̀ náà sì ti sọ pé òun kò ní fi sàréè ọkọ òun sílẹ̀ lọ síbì kan. Nítorí náà, ohun tí ìdánwò yẹn jẹ́ fún wa kò lọ́jú pọ̀ rárá: bóyá a ó jọ máa gbé, tàbí bóyá a ó máa fi ọmọ wa han bàbá rẹ̀ lásìkò ọdún nìkan.

Ẹ̀kọ́ náà wáyé ní gbọ̀ngàn ìpàdé àwọn ará ìlú. Olùkọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ bàtà dídán, gbé ẹ̀rọ kan wá láti Kútọnu tó ń ju àwòrán sára ògiri. Díápò ni wọ́n ń pe àwọn àwòrán náà. Wọ́n ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sí ojú fèrèsé kí òkùnkùn lè wà, ẹ̀rọ amúnáwá sì ń bú lẹ́yìn ilé. Ọkọ mi ní bí olùkọ́ náà ṣe kọ́kọ́ pe mákẹ́tìnì, ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò olówó tí ìjọba kò fẹ́ gbọ́, ó bojú wo aṣojú ìjọba tó jókòó níwájú, ó sì yára fi kún un pé, "Ìyẹn ni pé, ẹ̀yin kámáráàdì, ètò bí ọjà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àgbẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín sínú òkùnkùn.

Nígbà tí ó parí, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdìpọ̀ ìwé kan. Gbogbo díápò náà ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ léra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tirẹ̀, pẹ̀lú tàdáwà aláwọ̀ aró tó ń kó sí ni lọ́wọ́. Ó ní ohun tí júrì yóò béèrè kò kọjá inú rẹ̀.

Ọkọ mi gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Ó jókòó tì í. Ó sùn.

Ní ọjọ́ kejì, ó gé páálí ọṣẹ sí wẹ́wẹ́, ó ní òun fẹ́ ṣe fíìṣì, káàdì tó ní ìbéèrè lójú kan àti ìdáhùn lójú kejì, bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣe máa ń ṣe. Mo dé láti ilé ẹ̀kọ́, mo bá a tí ó ti kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀. Mo mú ọ̀kan, mo kà á. Ní ojú kan ó kọ: "Kí ló wà nínú díápò kẹsàn-án?" Ní ojú kejì, ó da gbogbo díápò kẹsàn-án kọ, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú ìlà tí wọ́n fà sí abẹ́ àkọlé.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni yóò bi yín ní ohun tó wà nínú díápò kẹsàn-án?"

"Júrì ni."

"Júrì kò ní mọ èyí tó jẹ́ ìkẹsàn-án. Ohun tí ẹ ṣe yìí, ńṣe lẹ kó ọ̀rọ̀ láti inú ìwé lọ sínú páálí."

Ó wò mí bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo fa àpótí ìjókòó, mo jókòó tòun ti ikùn mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì sọ fún un pé kí ó gé páálí sí i.

Iṣẹ́ náà gbà wá lákòókò. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé kì í ṣe gbogbo díápò ló yẹ fún ìbéèrè. Èyí tó ní orúkọ ẹ̀kọ́ nìkan, a jù ú sílẹ̀. Èyí tó ní àwòrán ọmọbìnrin tó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọkọ mi fẹ́ kí a dá a sí, mo ní rárá. Èkejì, ohun tó wà lórí díápò kéré púpọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré lè wà níbẹ̀, kí àlàyé gbogbo wá wà ní ẹnu olùkọ́ náà. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ṣe ìdáhùn, ayékòótọ́ ni a ń kọ́, a kò kọ́ ènìyàn. Nítorí náà mo máa ń bi í pé, "Kí ni olùkọ́ yín sọ níbí?" Á gbé ìwé tó kọ nínú òkùnkùn wá, ìlà kan gun orí ìkejì, a ó sì jọ máa tú u títí yóò fi rántí.

Bí àpẹẹrẹ, díápò kan wà lórí iye tí a ń ta ọjà. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju iye tó ná ni, àwọn tí ẹ jọ ń tajà, àti oníbàárà. Ọkọ mi fẹ́ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe ìbéèrè kan. Mo ní fíìṣì kan, ìbéèrè kan, ohun kan ṣoṣo. A pín in. Àkọ́kọ́: "Kí ló yẹ kí o mọ̀ kí o tó fi iye lé ọjà, kí o má baà pàdánù?" Ìdáhùn: gbogbo ohun tí a ná kí ọjà náà tó dé orí àtẹ wa, pẹ̀lú owó ọkọ̀. Èkejì: "Kí ló dé tí o fi gbọ́dọ̀ wo iye tí àwọn ẹlòmíràn ń tà á?" Ìdáhùn: nítorí pé oníbàárà yóò fi wé tiwọn kí ó tó rà. Ẹ̀kẹta sì wà lórí oníbàárà fúnra rẹ̀, iye tí ọjà náà tó lójú rẹ̀. Ọkọ mi ní ìjọba ló ń fi iye lé gbogbo ọjà àwọn, kò sí ẹni tó ń bi òun léèrè. Mo ní kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún júrì.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀, a máa ń kọ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Nínú fíìṣì kan, mo máa dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, kí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú èkejì, mo máa sọ ìtumọ̀, kí ó dárúkọ. Nípa bí a ṣe ń pín oníbàárà sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí àìní wọn ṣe jọra, a kò lo àpẹẹrẹ olùkọ́ náà, tó jẹ́ ti ìlú Faransé. Tiwa la lò: àwọn obìnrin Kèrè tí í ra ọṣẹ gígé lọ́jọ́ ọjà, àwọn olùkọ́ bíi tèmi tí í ra odidi nígbà tí owó oṣù bá wọlé, àti àwọn èrò ọkọ̀ ní Paouignan, ìlú ẹ̀bá títì tí ọkọ̀ ti máa ń dúró, tí wọn kò ní ra ọṣẹ rárá, àfi ohun tí wọ́n lè jẹ nínú ọkọ̀. Láti ìgbà tí a ti fi Paouignan sí i, kò gbàgbé èyí mọ́.

Díápò kan wà tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tó gòkè, tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tó sì sọ̀ kalẹ̀. Ìgbésí ayé ọjà nìyẹn: ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìgbà tó ń gbèrú, ìgbà tó gbó, àti ìgbà tó ń kú lọ. Mo ya ìlà náà láìkọ nǹkan kan sí i, mo fi ọfà sí ibi kan, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Níbí yìí, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí títà?" Mo ṣe irú rẹ̀ mìíràn, mo sún ọfà náà síwájú. Òkè Ìdáàṣà ni ọkọ mi ń pe ìlà yẹn. Á ní, "Gbé òkè wá."

Nígbà tí a parí, a kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí méjì. Ọ̀kan jẹ́ ti ojoojúmọ́, èkejì jẹ́ ti ọjọ́ ìsinmi. Èyí tó bá mọ̀ dáadáa yóò lọ sí ti ọjọ́ ìsinmi. Èyí tí kò bá mọ̀ yóò dúró sí ti ojoojúmọ́. Bí a bá dé ọjọ́ ìsinmi tí ó sì ti gbàgbé ọ̀kan, yóò padà sí ti ojoojúmọ́. Mo sì máa ń dà wọ́n pọ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí mo mọ àwọn ọmọ mi ní ilé ẹ̀kọ́: bí nǹkan bá tẹ̀ léra lọ́nà kan náà lójoojúmọ́, ẹnu ló ń rántí, kì í ṣe orí.

Àárọ̀ la máa ń ṣe é. Mo máa ń gbé omi kókó, ẹ̀kọ mímu àárọ̀ wa, lé iná, màá jókòó ti ààrò, òun á jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Màá bèèrè, á dáhùn. Bí kókó bá hó, ó parí nìyẹn, ó di ọ̀la. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kò ráyè sùn, nítorí pé ó ní láti dá mi lóhùn. Inú mi máa ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo máa ń rọra koná, kí kókó má tètè hó.

Páálí ojoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Ti ọjọ́ ìsinmi wúwo. Ìyá ọkọ mi wo méjèèjì, ó ní, "Ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá tó fẹ́ fẹ̀yìn tì náà fẹ́ràn ọkọ mi bí ọmọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó wá sí ilé wa, ó ní òun fẹ́ ṣe júrì fún un díẹ̀ kí àwọn ti Àgbómẹ̀ tó ṣe é. A gbé àga fún un lábẹ́ igi máńgòrò. Ọkọ mi dúró níwájú rẹ̀, ó so bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀.

Ọ̀gá ní, "Kí ló yàtọ̀ láàárín àìní àti dìmáàndì?"

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo mọ fíìṣì yẹn. Ó ti pẹ́ nínú páálí ọjọ́ ìsinmi.

Ọkọ mi ní, "Àìní ni ohun tí ènìyàn ṣe aláìní, bí ebi. Dìmáàndì ni ìgbà tí ó bá wá mọ ohun pàtó tó wù ú láti fi pa ebi náà."

Ọ̀gá tẹ orí síwájú. Ó ní, "Ó tán?"

"Ó tán, ọ̀gá."

"Ọkọ̀ tí ọ̀gá ìjọba ìpínlẹ̀ ń gùn, ó wù mí púpọ̀. Mo mọ̀ ọ́n pàtó, àní mo mọ àwọ̀ rẹ̀. Ṣé ẹni tó ń ta ọkọ̀ yóò wá ka èmi mọ́ dìmáàndì?" Ó fi ọwọ́ lu àpò rẹ̀. "Owó rẹ̀ dà? Ìwọ ti sọ ohun tó wu ènìyàn. Ibi tó kù, tó ní agbára láti rà á, tó sì ṣe tán láti sanwó rẹ̀, ìwọ fi sílẹ̀."

Ó bèèrè òmíràn, ọkọ mi dáhùn ìdajì. Ó bèèrè ẹ̀kẹta, ìdajì náà ni. Kò sí èyí tí kò mọ nǹkan kan nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó mọ̀ dópin. Ọ̀gá kò bínú. Ó mu omi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní kí a tún gbìyànjú. Bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ, mo rí i pé ó ń mi orí.

Ọkọ mi lọ gbé páálí ọjọ́ ìsinmi jáde. Ó wá fíìṣì àìní àti dìmáàndì rí, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ìdáhùn náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé mi, owó wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ta ló fi èyí sínú páálí yìí?"

"Èmi ni."

"Ṣé mo máa ń dáhùn rẹ̀ pé ni?"

Mo ń to àwọn fíìṣì náà jọ. Ó tún bèèrè.

Mo wá bínú. Mo ní, "Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Ẹ ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé bàbá yín, ìyá yín ń gbọ́, kí n wá máa sọ fún yín láràárọ̀ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n? Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn? Bí ẹ bá ti gbìyànjú, mo máa ń ní ẹ kú iṣẹ́."

Òótọ́ sì ni. Láàárín wa ní òkè yẹn, ìyàwó kì í sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó kùnà. Yóò sọ pé "ẹ kú iṣẹ́," yóò wá ọgbọ́n mìíràn dá. Bí ó bá gé igi tí igi kò gbẹ, ìyàwó á ní "ẹ kú iṣẹ́," á sì yá igi lọ́wọ́ aládùúgbò. Èmi tí mo ń fi gègé pupa kọ "kò tọ̀nà" sí ìwé ọmọ ènìyàn látàárọ̀ dalẹ́, bí mo bá ti dé ìdí ààrò, ahọ́n mi á kú. Ìdajì ìdáhùn ni mo ń kí ní ẹ kú iṣẹ́, mo sì ń dì í sínú páálí àwọn tó mọ̀.

Ó jókòó tì mí. Mo rò pé yóò pariwo. Kò pariwo.

Ó ní, "Lọ́jọ́ ìpàdé ìlú, ta ló dìde tó sọ fún ọ̀gá ìjọba wa pé irọ́ ló pa, pé òrùlé ilé ẹ̀kọ́ ṣì ń jò?"

Mo ní, "Èmi ni. Ó ń jò."

"Kí lo pè é?"

"Kámáráàdì. Gbogbo ènìyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Ojú kò tì ọ́?"

"Kí ló máa tì mí lójú? Kámáráàdì ni. Ìjọba ló ní a dọ́gba níbẹ̀."

Ó gbé fíìṣì náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Nígbà tí èyí bá wà lọ́wọ́ rẹ, èmi kì í ṣe ọkọ rẹ. Kámáráàdì ni mí. Bí kókó bá hó, màá tún di ọkọ."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Ó ní òun kò ṣàwàdà. Ó ní bí mo bá tún fi ìdajì ìdáhùn sínú páálí yẹn, èmi fúnra mi ni mo gbé òun lọ sí òkè àríwá.

Ìyẹn ló gba ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a da gbogbo fíìṣì padà sínú páálí ojoojúmọ́, kò ku ọ̀kan. Mo gbé omi ka iná. Mo bi í ní ìbéèrè kan, ó dá mi lóhùn, ó sì ń wò mí. Ó mọ̀ pé kò pé. Èmi náà mọ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀ nítòsí.

Mo ní, "Kámáráàdì, kò tíì pé."

Ìgbálẹ̀ dúró. Ìyá ọkọ mi ní, "Kí ni ìyàwó mi pe ọkọ rẹ̀?"

Ọkọ mi ní, "Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, Ìyá. Ẹ má dá sí i, wọn á mú wa." Ó sì kọjú sí mi, ó parí ìdáhùn náà.

Láti ọjọ́ yẹn, páálí ojoojúmọ́ wúwo, ó sì pẹ́ kí ó tó fúyẹ́. N kò fojú fo ohunkóhun mọ́. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tó ṣe pàtàkì, "Kámáráàdì, kò tíì pé." Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ ọ́ tí ó sì tọ̀nà, mo máa gbà á, n kò fi dandan mú un pé kí ó pe ọ̀rọ̀ olùkọ́. Àwọn àárọ̀ kan wà tí ó máa ń bínú sí mi lójú mi níbẹ̀, tí á ní fíìṣì náà ni kò dára. Nígbà mìíràn òótọ́ ló ń sọ, ìbéèrè mi ló rú ni lójú, a ó tún un kọ. Ṣùgbọ́n bí kókó bá ti hó, á na ọwọ́, á gba ìgbákọ lọ́wọ́ mi, á ní kí aboyún jókòó. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà yẹn ju ọjọ́ tí mo fẹ́ ẹ lọ, mo sì sọ fún un. Ó ní ṣé ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀ ni tàbí kámáráàdì. Mo ní àwọn méjèèjì.

Ó lọ sí Àgbómẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn tó ń ti ọjà Glazoué bọ̀, ó jókòó sórí àpò iṣu. N kò lè jẹun títí ó fi dé. Ìrọ̀lẹ́ ni ó dé, eruku bò ó. Ó kọ́kọ́ bu omi mu ná, mo fẹ́ fi abọ́ náà lù ú.

Ó ní, "Wọ́n bi mí nípa ìgbésí ayé ọjà. Ìgbà tó ti gbó. Mo ní títà kò ní gòkè mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ ẹ ló ti ní in. Obìnrin kan wà láàárín júrì, ó ti gbé gègé láti kọ ọ́. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ."

"Ohùn mi kẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ. Mo sì sọ ọ́ síta láìmọ̀. Mo ní, 'Kámáráàdì, kò tíì pé.' Obìnrin náà gbé ojú sókè, ó rò pé òun ni mò ń bá wí. Mo wá fi kún un pé àwọn tó ń ta irú rẹ̀ ti pọ̀, pé nǹkan tó yẹ kí a ṣe ni kí a tún ọjà náà ṣe tàbí kí a wá àwọn oníbàárà tuntun. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́."

Ó yege. Wọn kò gbé e lọ síbì kan. A bí ọmọbìnrin wa sí ọwọ́ bàbá rẹ̀, nínú ilé ìdí òkè, òjò sì ń rọ̀ lọ́jọ́ náà tí ìyá àgbà kò mọ èyí tí òun máa sáré sí, ọmọ ni tàbí ìkòkò.

Àwọn ọdún náà ti lọ. Ìjọba yí padà, wọ́n ti ilé ìtajà náà pa, ọkọ mi fi ohun tó mọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn ènìyàn kò pe ara wọn ní kámáráàdì mọ́ níta. Bí o bá pè é, wọ́n á fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ náà kò lọ. Nígbà tí èyíkéyìí nínú wa bá mọ̀ pé èkejì ń fi nǹkan pamọ́, òun la máa ń lò. A kì í lò ó lásán, a kì í sì í lò ó nígbà ìjà.

Nígbà tí àìsàn dé sí i, ó di ẹni tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ó ti sàn. Dókítà bèèrè, ó ní ó ti sàn. Ọmọbìnrin wa pè láti Kútọnu, bàbá rẹ̀ ní kí ó má dààmú wá, ó ti sàn. Ó máa ń rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ń sọ ọ́.

Ní àárọ̀ kan, mo gbé omi kókó lé iná. Orí àga rẹ̀ ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ti fi aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bi í pé, báwo ni ara yín lónìí?

Ó ní, "Ó ti sàn."

Mo ní, "Kámáráàdì, kò tíì pé."

Ó bojú wo orí òkè. Ó ní, "Ó ń dùn mí. Kò jẹ́ kí n sùn. Ẹ̀rù kò bà mí láti lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí láti fi ìwọ nìkan sílẹ̀ nínú ilé yìí."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó bi mí, "Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu nítorí mi. Ara mi le, ọmọ wà, màá wà dáadáa."

Ó na ọwọ́ kejì, ó yọ igi kúrò nínú iná, kí kókó má tíì hó.

Ó ní, "Kámáráàdì, kò tíì pé."